Ímeèlì sí gbogbo òṣìṣẹ́ lórí wákàtí iṣẹ́ tuntun: ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni mo ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń pín ohun mímu ní Ìlọrin. Àwa 43 ni a wà níbẹ̀: àwọn kan wà ní ọ́fíìsì, àwọn tó pọ̀ jù wà ní sítọ́ọ̀ wa ní Gánmọ́, àwọn díẹ̀ sì wà ní Ọ̀ffà. Àwọn ọ̀gá wa ti tún ìlànà iṣẹ́ ṣe, wọ́n sì ní kí n kọ ímeèlì kan ṣoṣo tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Tẹ́lẹ̀, a máa ń wọlé ní aago 8 àárọ̀, a sì máa ń jáde ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú wákàtí 1 fún ìsinmi ọ̀sán. Nínú ìlànà tuntun, a ó máa wọlé ní aago 7:30, a ó sì máa jáde ní aago 4:30 láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó ṣíwọ́ ní aago 12:30 kí àwọn tó ń lọ kí ìrun Jímọ̀ lè ráyè. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó ṣiṣẹ́ láti aago 9 di aago 12. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

> Àkọlé: Àtúnṣe sí ìlànà iṣẹ́
> Ẹ jọ̀wọ́, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2025, wákàtí iṣẹ́ wa yóò yí padà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé tí mo so mọ́ ímeèlì yìí. Àpapọ̀ wákàtí ọ̀sẹ̀ kò yí padà, 40 náà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekún gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ kí ó tó ṣe é. Owó iṣẹ́ àṣekún kò yí padà. Ẹ ṣeun fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín.

Mo kà á fún ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì, ó ní ó dára. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí ó ti ń dùn mí. Kí ni mo fi sílẹ̀?

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Ọmọ mi, ọdún 26 ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ ibi tí ó ti ń dùn ọ́. Gbólóhùn tí o kọ pé "àpapọ̀ wákàtí ọ̀sẹ̀ kò yí padà" ni. Òótọ́ ni, mo ti ṣírò rẹ̀: wákàtí 8 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 32, ti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ 5, ti Àbámẹ́ta jẹ́ 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Kí ni ẹ máa ń san fún ẹni tó bá wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tẹ́lẹ̀?

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Àwọn tó wà ní sítọ́ọ̀ máa ń wá ka ọjà láti aago 9 di 12. Iṣẹ́ àṣekún ni a kà á sí, a sì máa ń san owó wákàtí kan àti ààbọ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Ibẹ̀ gan-an ni. Láti ìgbà tí ìlànà tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, Àbámẹ́ta yóò di ara iṣẹ́ gidi, owó àṣekún rẹ̀ yóò sì pòórá. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì kì í wá ní Àbámẹ́ta tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tí yóò rí ni pé òun ní láti wá báyìí, àmọ́ òun ń tètè lọ ilé ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ yóò máa wá bí ó ti ń wá, yóò máa ka ọjà bí ó ti ń kà á, owó rẹ̀ yóò sì dín. Ìwọ sì kọ ìwé sí àwọn méjèèjì pé nǹkan kò yí padà. Bí owó oṣù bá wọlé tí wọn kò rí owó tí wọ́n ti ń retí, ímeèlì rẹ ni wọn yóò gbé jáde.

Kò burú kí iléeṣẹ́ yí wákàtí padà. Ohun tó burú ni kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá ṣàwárí àdánù rẹ̀ nínú ìwé owó oṣù. Kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbangba pé iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti aago 9 di 12 kì í ṣe iṣẹ́ àṣekún mọ́.

Ọmọ Ọ̀ffà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé wákàtí 8 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe lójúmọ́, ohun tó bá lé ni ófátáìmù, ìlọ́po méjì sì ni owó ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Nítorí náà, iléeṣẹ́ kankan kò lè sọ pé Àbámẹ́ta ti di ọjọ́ lásán. Òfin sì tún sọ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìsinmi láàárín iṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì yín kò sì ní ìsinmi kankan.

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Àbúrò, ohun tí o sọ ní òótọ́ nínú, àmọ́ ó ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ènìyàn kàn máa ń sọ. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Kò dá iye wákàtí kankan. Ohun tó sọ ni pé wákàtí iṣẹ́ yóò jẹ́ èyí tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá fẹnu kò lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá iléeṣẹ́ dúnàádúrà rẹ̀, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá là sílẹ̀. Wákàtí tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe lé èyí ni iṣẹ́ àṣekún. Abala náà kò sọ pé ìlọ́po méjì ni, kò sì sọ pé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ni, ìwé àdéhùn yín ló ń sọ ìyẹn.

Ní ti ìsinmi, o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ni òfin ní kí ó ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Wákàtí 5 ni ti ọjọ́ Ẹtì wọn, nítorí náà kò fi dandan bá wọn níbẹ̀. Òfin náà tún ní kí òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7, kí ó tó wákàtí 24 gbáko láìdáwọ́dúró. Ọjọ́ Àìkú wọn ló dúró fún ìyẹn.

Àmọ́ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí mo fẹ́ kí Akọ̀wé dì mú. Bí wákàtí bá jẹ́ ohun tí a fẹnu kò lé lórí, ímeèlì nìkan kò lè yí i padà. Ímeèlì ń sọ ohun tí a ti fẹnu kò sí ni. Ǹjẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti gbà á, Akọ̀wé?

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Àlàájà, àwọn ọ̀gá ló jókòó ṣe é. Mi ò rò pé wọ́n pe ẹnikẹ́ni láti sítọ́ọ̀.

Aṣírò Ojú Ọ̀nà Táíwò

Mo ń ṣe owó oṣù fún iléeṣẹ́ mẹ́ta, ojú tèmi sì lọ sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá bọ́ sí Ọjọ́rú, ó sì tún jẹ́ ọjọ́ Òmìnira tí gbogbo ibi yóò wà ní títì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó pín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: Ajé àti Ìṣẹ́gun yóò wà lábẹ́ ìlànà àtijọ́, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì yóò wà lábẹ́ tuntun. Ẹni tó wọlé ní aago 8 ní Ọjọ́bọ̀ náà nítorí pé ó gbàgbé yóò di ẹni tó pẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, kí ọ̀sẹ̀ kan lè wà lábẹ́ ìlànà kan.

Ẹ sì sọ fún mi, ọjọ́ wo ni ẹ máa ń pa ìwé iṣẹ́ àṣekún dé kí ẹ tó ṣe owó oṣù?

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Ọjọ́ 20. Iṣẹ́ àṣekún láti ọjọ́ 21 oṣù tó kọjá di ọjọ́ 20 oṣù yìí ni a máa ń san.

Aṣírò Ojú Ọ̀nà Táíwò

Mo ti fura bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé owó oṣù Kẹwàá yín yóò gbé ìlànà méjì dání, ímeèlì rẹ kò sì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kan ń gba náírà 78,000 lóṣù. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ náírà 936,000 lọ́dún. Wákàtí 40 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ 2,080. Ẹ pín owó náà sí wákàtí yìí, náírà 450 ni wákàtí kan. Bí ẹ bá fi ààbọ̀ kún un, iṣẹ́ àṣekún wákàtí kan di náírà 675.

Ní ìlànà àtijọ́, Àbámẹ́ta kan tó jẹ́ wákàtí 3 ń mú náírà 2,025 wá fún un. Àbámẹ́ta mẹ́rin jẹ́ náírà 8,100. Ohun tí Àlàájà ń sọ nìyẹn, ó ju ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo oṣù Kẹwàá fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, Àbámẹ́ta méjì ló wà níbẹ̀, ọjọ́ 27 àti ọjọ́ 4. Iṣẹ́ àṣekún ni àwọn méjèèjì ṣì jẹ́, náírà 4,050 ni. Ọjọ́ 11 àti ọjọ́ 18 ti bọ́ sábẹ́ ìlànà tuntun, kò sí àṣekún níbẹ̀. Ká ní ó tún dúró di aago 6:30 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀gá rẹ̀. Wákàtí 2 lẹ́yìn aago 4:30 jẹ́ náírà 1,350. Àpapọ̀ rẹ̀ di náírà 5,400. Bí ẹ bá kọ 5,400 yìí sí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé owó oṣù, kò sí bí ọkùnrin náà yóò ṣe mọ̀ bóyá ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ìlà méjì ni kí ó jẹ́, ọ̀kan di ọjọ́ 5, èkejì láti ọjọ́ 6.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ dáhùn. Ṣé ojúmọ́ ni ẹ fi ń wọn àṣekún ni, tàbí ọ̀sẹ̀? Bí ẹnì kan kò bá wá ní ọjọ́ Ajé, tó wá dúró pẹ́ fún wákàtí 2 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì pé 40 lọ́sẹ̀ náà. Èmi máa ń fi ojúmọ́ wọn ọ́n, ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Mo bọ̀wọ̀ fún ìṣirò rẹ, àmọ́ èmi fara mọ́ ọ̀sẹ̀, bí a bá ti ka ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n gbà ní àṣẹ àti ọjọ́ àìsàn mọ́ iṣẹ́. Bí a bá fi ojúmọ́ wọn ọ́n, ẹni tó fi ara pamọ́ ní ọjọ́ Ajé yóò fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun gba àfikún owó. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Ajàṣẹ́-Ìpo

Bí ó bá jẹ́ bí a ṣe ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ènìyàn 43 ni, kó àdírẹ́sì gbogbo wọn sí ojú ìlà Bcc, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ti ẹlòmíràn.

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Ẹ ṣeun, Mà. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ gan-an ni mo ń béèrè, àmọ́ ẹ mú mi rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn ará sítọ́ọ̀ kì í ṣí ímeèlì. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní èdè Yorùbá, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ wọlé.

Sítọ́ọ̀ Nìkan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè lórí gbólóhùn ìyọ̀ǹda yẹn, nítorí ó ti jẹ mí níyà rí. Mo ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ kan nígbà náà. Wọ́n kọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: gba ìyọ̀ǹda kí o tó ṣe é. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ tírélà láti Èkó dé sí ẹnu géètì ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ìgbà tí a ó ṣíwọ́, pẹ̀lú páálí tó lé ní 900. A kò lè ti géètì mọ́ dírẹ́bà. Mo pe ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù rẹ̀ kò lọ. Èmi àti àwọn ọmọ méjì já ẹrù náà di aago 8 alẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ti géètì, dírẹ́bà fọwọ́ sí i, mo sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ní kò sí ìyọ̀ǹda, wọn kò san kọ́bọ̀. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, gbogbo wọn rí i.

Nítorí náà, ẹ sọ ẹni tí ènìyàn yóò pè bí ọ̀gá ẹ̀ka kò bá sí, kí ẹ sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù.

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Ó ká mi lára. Ohun tí èmi máa ń kọ ni pé kí òṣìṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ ìdí rẹ̀ àti iye wákàtí tí ó rò pé yóò gbà. Bí kò bá sí èsì, tí iṣẹ́ náà kò sì ṣe é fi sílẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ ìdí tí kò fi fọwọ́ sí i. Iléeṣẹ́ lè bá ẹni tó ń ṣe àṣekún tí kò nídìí wí. Àmọ́ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ mọ̀ sí, tó sì jẹ èrè rẹ̀, kò tọ́ kí wọ́n má san owó rẹ̀ nítorí pé ìwé kò pé.

Ẹ tún kíyè sí ààbọ̀ wákàtí tó wà láàárín aago 4:30 àti aago 5. Ara yóò ti mọ́ aago 5 fún ọ̀pọ̀ wọn. Bí ọ̀gá kan bá ń jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró di aago 5 bí ti àtẹ̀yìnwá, àṣekún ló ń kó jọ lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Ọlọ́dẹ Òmù-Àrán

Ẹ kú ìjíròrò. Ọlọ́dẹ ni mí ní iléeṣẹ́ kan níbí. Irú ímeèlì báyìí wọlé sí ọ̀dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, "sí gbogbo òṣìṣẹ́" ni wọ́n kọ sí i. Àwa méjì ni à ń ṣọ́ géètì, èmi ń ṣe aago 6 àárọ̀ di aago 6 ìrọ̀lẹ́, ẹnìkejì mi ń ṣe òru, ọjọ́ 7 lọ́sẹ̀. Ímeèlì náà kò dárúkọ wa. Ṣé àwa náà wà lára gbogbo òṣìṣẹ́?

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóró. Àwa náà ní ọlọ́dẹ méjì ní Gánmọ́, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é, mi ò sì rántí wọn rárá.

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Wákàtí 84 lọ́sẹ̀ nìyẹn, láìsí ọjọ́ ìsinmi kan. Ibi tí òfin ti fi dandan lé ọ̀rọ̀ ni èyí. Bí iṣẹ́ bá jẹ ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìsinmi mìíràn dípò rẹ̀ kíákíá, kí ó má ju ọjọ́ 14 lọ, tàbí kí wọ́n san án ní iye owó iṣẹ́ àṣekún. Ẹ nílò ẹnìkẹta tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Má ṣe fi ímeèlì yìí bò ó mọ́lẹ̀, Akọ̀wé. Kọ ọ́ pé ìwé ti àwọn ọlọ́dẹ yóò dá dúró, kí o sì dá ọjọ́ fún un.

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

> Àkọlé: Wákàtí iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ àṣekún yóò yí padà láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 2025
>
> Láti ọjọ́ yìí, a ó máa ṣiṣẹ́ láti aago 7:30 àárọ̀ di aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ ní Ajé dé Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú wákàtí 1 fún ìsinmi ọ̀sán, láti aago 7:30 di aago 12:30 ní ọjọ́ Ẹtì, àti láti aago 9 di aago 12 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.
>
> Iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti aago 9 di 12 kì í ṣe iṣẹ́ àṣekún mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba owó fún un, owó yín yóò dín kù. Àṣekún tí ẹ bá ṣe di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni a ó san ní ìlànà àtijọ́, yóò sì wà ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé owó oṣù Kẹwàá.
>
> Iye owó àṣekún ṣì jẹ́ owó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí iṣẹ́ náà kò bá ṣe é fi sílẹ̀, ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé géètì. Èsì yóò dé kí aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù.
>
> Ìlànà yìí kò kan àwọn ọlọ́dẹ. Tiwọn yóò dé ọwọ́ wọn lọ́tọ̀ kí ọjọ́ 6 náà tó pé.

Sítọ́ọ̀ Nìkan

Ká ní irú èyí ni wọ́n kọ fún wa ni, owó mi ì bá ti dé ọwọ́ mi.

Aṣírò Ojú Ọ̀nà Táíwò

Ó ti dúró dáadáa. Kìkì ọ̀rọ̀ ojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Fi náírà 675 olùtọ́jú sítọ́ọ̀ yẹn ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀, kí oníkálukú lè ṣírò tirẹ̀.

Àlàájà Gáà-Àkànbí

Abala 7 òfin kan náà ní kí àyípadà nínú àdéhùn iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ní kíkọ láàárín oṣù kan tó bá ṣẹlẹ̀. Ìwé rẹ yìí lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ kí ó má jáde kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Táńkẹ̀

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà lánàá. Ó gbà kí àwọn ará sítọ́ọ̀ yan ènìyàn méjì, a sì jókòó ní òwúrọ̀ yìí. Wọn kò bá wa jà lórí aago 7:30. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n máa wá ní Àbámẹ́ta ní ìdajì-ìdajì, kí àwọn tó bá wá ní ọ̀sẹ̀ kan sinmi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún òun ní àyè di ọjọ́ Ajé. Lórí ojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, kò tíì dáhùn. Ó ti ní kí n wá ọlọ́dẹ kẹta. Ímeèlì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fi ránṣẹ́.